Orin ń dún, ìpè kò dún: bí a ṣe ń wá ìró ìpè tó sọnù nínú fóònù

Bí fóònù yín bá ń kọrin dáadáa, àmọ́ tó jẹ́ pé ìpè tó ti kọjá lẹ kàn ń bá lójú rẹ̀, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Sípíkà tó ń gbé orin jáde, òun náà ló ń gbé ìró ìpè jáde. Bí orin bá ń jáde, sípíkà yè. Nǹkan kan ló pa ìró ìpè lẹ́nu mọ́ nínú ètò fóònù, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín tú u láì san kọ́bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyá mi nìyẹn. Ìyá Ìbejì là ń pè wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń pàdánù ìpè àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ wàásù àti orin ń dún lórí fóònù yẹn láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ti sọ fún wọn pé sípíkà ti bàjẹ́, kí wọ́n wá owó sípíkà tuntun. Nígbà tí mo dé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti tẹ bọ́tìnnì ohùn yìí títí ó fi kún, kò sì dún." Ọ̀rọ̀ wọn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo máa wò. Fóònù Áńdírọ́ọ̀dù ni tiwọn, torí náà òun ni màá fi ṣàlàyé. Màá dé orí áífóònù àti fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó bá yá.

Kọ́kọ́ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́

Àwọn èèyàn máa ń pe nǹkan mẹ́ta ní "ìpè mi ò dún." Ọ̀kan ni pé ìpè wọlé, àmọ́ fóònù ò ké. Èkejì ni pé ó ké, ẹ gbé e, ẹ ò wá gbọ́ ohùn ẹni tó pè. Ẹ̀kẹta ni pé ìpè ò tilẹ̀ wọlé rárá.

Ẹ gbé fóònù náà sórí tábìlì, kí ẹ fi fóònù mìíràn pè é, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá tàn tí orúkọ ẹni tó ń pè jáde, tàbí tó kàn ń gbọ̀n, ìpè wọlé, ọ̀rọ̀ ìró ni. Bí ojú rẹ̀ ò bá tàn, tí ẹni tó ń pè sì ń gbọ́ pé ẹ ti pa fóònù tàbí pé ẹ ò sí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, kò sí ọ̀pá ohùn, ìyẹn ìlà tí a ń fi ìka fà lójú fóònù, tó máa ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ símù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ti Ìyá Ìbejì tàn, orúkọ mi jáde, fóònù sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò ké, kò gbọ̀n.

Kí ló dé tí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù ò ràn wọ́n lọ́wọ́?

Ohùn inú fóònù kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ló kéré tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀pá tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ `Media volume` sí ni ti orin, fídíò, wàásù àti géèmù. `Call volume` ni ti ohùn ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. `Ring volume` ni ti ìró tó ń pè yín wá gbé fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìró àtẹ̀jíṣẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ ní `Ring & notification volume`. `Alarm volume` ni ti aago tó ń jí yín. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lè pa ìró ìpè, kí aago rẹ̀ ṣì lè jí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kan ṣoṣo ni, ohùn mẹ́rin sì ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lákòókò tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu èyí tí bọ́tìnnì yẹn máa gbé sókè. Bí orin bá ń dún, orin ló máa gbé. Bí ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohùn ẹni náà ló máa gbé. Bí ohunkóhun ò bá ń dún ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ìró ìpè ló máa ń gbé. Àmọ́ láti orí Áńdírọ́ọ̀dù 9, tó jáde ní ọdún 2018, ohùn orin ló ń gbé.

Ìyípadà kékeré yìí ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn sínú wàhálà, pàápàá àwọn tó ti ń lo fóònù látijọ́. Ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn pé bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ìró ìpè á lọ sókè. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, orin ló ń lọ sókè. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí fóònù bá ń ké kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ohùn nígbà tí ìpè ń wọlé, ṣe ló máa pa ìró ìpè yẹn lẹ́nu mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: orin ní àkókò tí bọ́tìnnì jẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ náà ní tirẹ̀, àmọ́ ìró ìpè kò ní. A gbọ́dọ̀ lọ bá a níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí gbogbo ọ̀pá náà síta

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá kan á yọ sójú fóònù. Ẹ má fà á, ti orin ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí òkè rẹ̀: ẹ máa rí àmì róbótó kéékèèké mẹ́ta, tàbí àmì àwọn ìlà kéékèèké tí àmì róbótó wà lára wọn, tàbí àmì ọfà kékeré. Ẹ fọwọ́ kàn án, àwọn ọ̀pá yòókù á jáde lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wọ `Settings`, kí ẹ wá `Sound & vibration` tàbí `Sound`. Gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Ẹ wá `Ring volume`. Bí ó bá ti wà nílẹ̀ pátápátá, ẹ fà á sókè. Bí ẹ ṣe ń fà á, fóònù á dún díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe tó. Ẹ fi èyí ṣe ìdánwò. Bí ó bá dún nígbà tí ẹ fà á, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀pá `Ring volume` Ìyá Ìbejì wà nílẹ̀ pátápátá. Ti orin wà lókè réré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo àmì agogo

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, agogo kékeré kan wà lórí ọ̀pá tó yọ yẹn. Agogo tí nǹkan kan ò bò túmọ̀ sí pé ìpè á dún. Fóònù kékeré tí ìlà wọ́gọwọ̀gọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì túmọ̀ sí pé á kàn gbọ̀n ni. Agogo tí wọ́n fa ìlà kọjá lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò ní dún, kò sì ní gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn.

Ó dá mi lójú pé ibí yìí ni fóònù àbúrò ìyá mi ti dákẹ́. Ọmọ ọmọ wọn máa ń gbà á wo eré àwọn ọmọdé. Ọmọ náà á tẹ bọ́tìnnì kí eré tó lọ sókè, ọ̀pá á yọ, agogo á yọ pẹ̀lú rẹ̀, ìka kékeré á sì bọ́ sórí agogo. Eré á ṣì máa dún, torí orin ni fóònù ka eré sí. Kò sẹ́ni tó máa fura títí ìpè á fi wọlé. Bí ọmọdé bá ń lo fóònù nílé yín, agogo yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nígbàkigbà tí ẹ bá gbà á padà.

Mo fọwọ́ kàn án títí ó fi di agogo tí nǹkan kan ò bò, mo fa ọ̀pá `Ring volume` dé òkè, mo pè wọ́n, fóònù ké. Wọ́n fò dìde, wọ́n ní, "Áà! Owó sípíkà tí mo fẹ́ẹ́ san ńkọ́?"

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ọ̀pá bá ti kún tí kò sì dún

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí pé ó tún ti ṣe é. Àwọn oníbàárà ń pè, ó ń dún. Àmọ́ Táíwò, ọmọ wọn tó wà ní Hiúsítọ̀n l'Amẹ́ríkà, pè lálẹ́, kò dún. Mo bi wọ́n léèrè àkókò tó pè. Ààgo mọ́kànlá alẹ́ ni. Bí Táíwò bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ààgo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ààgo mọ́kànlá alẹ́ ti lù ní Nàìjíríà, torí wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín.

Ìpè ọ̀sán ń dún, ìpè alẹ́ kò dún: ohun tí wọ́n ń kọ `Do Not Disturb` sí nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí ọ̀pá ohùn. Ọ̀pá lè kún dẹ́nu, síbẹ̀ kí ètò yìí máa dí ìpè lọ́nà. Àmì rẹ̀ lókè fóònù ni róbótó tí ìlà kan wà láàárín rẹ̀, tàbí ìlàjì òṣùpá. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ ni pé kó jẹ́ kí orin àti aago ìjí kọjá, kó sì dá ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí orin fi ń dún lákòókò tí ìpè kò dún.

Ẹ fi ìka fa òkè ojú fóònù wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wo bóyá àmì náà tàn. Bí ó bá tàn, ẹ fọwọ́ kàn án kó kú. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé àkókò ni wọ́n dá fún un, tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tàn lálaalẹ́. Ẹ wọ `Settings`, kí ẹ tẹ `Do Not Disturb` sí àyè tí wọ́n fi ń wá nǹkan lókè. Nínú rẹ̀, ẹ wá `Schedules`. Lórí fóònù tuntun díẹ̀, `Modes` ni wọ́n ń kọ sí gbogbo rẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì ń tàn láti ààgo mẹ́wàá alẹ́ títí di méje àárọ̀.

Wọn ò fẹ́ kí n pa á, torí àwọn oníbàárà kan kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Táíwò nìkan ni wọ́n fẹ́ kó kọjá. Ó ṣeé ṣe. Mo ṣí orúkọ Táíwò nínú ìwé orúkọ fóònù, mo fọwọ́ kan ìràwọ̀ tó wà lókè kó lè kún. Lẹ́yìn náà mo padà sínú `Do Not Disturb`, mo wọ `People`, mo wọ `Calls`, mo mú `Starred contacts`. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní ìràwọ̀ nìkan ló ń dún lóru. Níbẹ̀ náà ni ẹ máa rí `Repeat callers`: bí ẹ bá ṣí i, ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15 á dún, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣí i. Ẹni tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ sí kì í pè lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́.

Nǹkan mìíràn tó jọ èyí: àwọn áàpù àkókò ìrun kan wà tí wọ́n lè pa ìró fóònù fúnra wọn bí àkókò ìrun bá tó. Bí fóònù yín bá ń dákẹ́ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ ṣí áàpù yẹn kí ẹ wo ohun tí ẹ ti gbà á láyè láti ṣe.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń dún, tó jẹ́ ìpè nìkan ni kò dún

Ìyàtọ̀ yìí wúlò púpọ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í kíyè sí i. Ẹ ní kí ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Bí ìyẹn náà ò bá dún, ẹ padà sórí ọ̀pá, agogo àti `Do Not Disturb`, torí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kan ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ pa pọ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dún, tí ìpè ò dún, ó lè jẹ́ pé ohun tí fóònù fẹ́ fi ké gan-an ni kò sí.

Ẹ wọ `Sound & vibration`, kí ẹ wo `Phone ringtone`. Bí ẹ bá rí `None` níbẹ̀, fóònù kò ní orin tó máa fi pè yín. Ẹ yan òmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé orin tí ẹ fi sí i wà lórí mẹ́mórì káàdì, tí ẹ sì ti yọ káàdì náà, fóònù lè máà rí ohun tó máa fi dún mọ́. Orin tó ti wà nínú fóònù láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí símù méjì bá wà nínú fóònù yín, tí ọ̀kan ń dún tí èkejì kò dún, ẹ wò ó dáadáa: àwọn fóònù kan ní ìró tọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún símù kìíní àti símù kejì. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìpè rẹ̀ kì í dún, ẹ ṣí orúkọ ẹni náà kí ẹ wo ìró tí ẹ yàn fún un.

Ìpè orí WhatsApp ní ìró tirẹ̀. Inú áàpù náà ni ẹ máa lọ: `Settings`, lẹ́yìn náà `Notifications`, kí ẹ wo `Ringtone` tó wà fún ìpè. Bí ó bá jẹ́ pé ìpè ẹni tí ẹ ò mọ̀ nìkan ni kì í dún níbẹ̀, ẹ wo `Privacy`, `Calls`, bóyá `Silence unknown callers` ti wà ní ṣíṣí.

Ẹni tó ń lo áífóònù àti ẹni tó ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì

Lórí áífóònù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì, lókè bọ́tìnnì ohùn. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí a ń tì síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ọsàn lára rẹ̀, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Orin ṣì máa dún, aago ìjí ṣì máa dún. Àpò fóònù tó há lè tì í láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láti orí iPhone 15 Pro ti ọdún 2023, wọ́n ti fi bọ́tìnnì kan rọ́pò rẹ̀ lórí àwọn kan, èyí tí ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá ìró ìpè wà nínú `Settings`, `Sounds & Haptics`. Ẹ máa rí `Change with Buttons` nísàlẹ̀ rẹ̀: bí ẹ bá pa á, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù ò ní lè yí ìró ìpè padà mọ́. Fún àwọn àgbàlagbà, mo máa ń fa ìró ìpè dókè, kí n sì pa èyí, kí ó máa wà níbẹ̀.

Lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, ìka tó tẹ `#` mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló sábà máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún un tẹ̀ bákan náà. Bí kò bá yí padà, ẹ wá `Profiles` nínú ètò rẹ̀ kí ẹ mú `General`.

Bí fóònù bá ké, àmọ́ tí ẹ ò gbọ́ ẹni tó pè

Ìdákẹ́jẹ́ kejì nìyí, ibí yìí sì ni orin tó ń dún kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Sípíkà kékeré tó wà lókè, èyí tí ẹ ń gbé sétí, ló ń gbé ohùn ẹni tó pè jáde. Ọ̀kan yè, èkejì lè ti dí.

Ẹ pe ẹnì kan tó ní sùúrù. Bí ó bá ti gbé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn sókè nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ lọ́wọ́, torí ìgbà yẹn nìkan ni bọ́tìnnì ń gbé `Call volume`. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ fọwọ́ kan `Speaker` lójú fóònù. Bí ohùn rẹ̀ bá jáde ketekete, ó lè jẹ́ pé sípíkà òkè ló ní àìsàn. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, tàbí bí kò bá jáde síbẹ̀, ẹ wo bóyá `Bluetooth` wà ní ṣíṣí. Ohun ìgbọ́rọ̀ aláìníwáyà tí ẹ jù sínú àpò lè ti gba ìpè, kí orin sì máa dún láti inú fóònù, torí pé nínú ètò `Bluetooth`, àyè ìpè àti àyè orin yàtọ̀ síra, a sì lè pa ọ̀kan kí a ṣí èkejì. Ẹ pa á kí ẹ tún pè.

Bó bá jẹ́ sípíkà òkè, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù ti bo ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú fóònù délẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tó sì gbẹ fọ ihò náà jẹ́jẹ́, kí ìdọ̀tí lè já bọ́ síta. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má sì da spíríìtì tàbí omi sí i. Ìyẹ̀fun, òógùn ara àti eruku aṣọ ló sábà máa ń dí i, pàápàá fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọjà bíi Gbági.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ohùn ṣì ń jáde láti ara `Speaker` nìkan, ìgbà yẹn ni ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ sọ fún un pé sípíkà etí ni, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi orin dán ti ìsàlẹ̀ wò níwájú rẹ̀ kó tó ṣí fóònù.